Kádì Gígábáìtì 128 Tí Kò Ju Mẹ́rìnlá Lọ

Bàtà ayédèrú, ojú la fi ń mọ̀ ọ́n. Ìpara ayédèrú, awọ ara ni yóò sọ fún wa. Ṣùgbọ́n mẹ́mọ́rì kádì ayédèrú máa ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá kì í bọ fóònù, yóò kọ 128 síwájú yín gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀sùn rẹ̀ fi máa ń ṣòro ju ti bàtà lọ, tí àwa náà sì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù owó wa.

Àwa mẹ́ta tí à ń gbé yàrá kan ní ẹ̀sítéètì Abraham Adésànyà la dá owó ra kádì náà, ₦9,500, lọ́wọ́ òǹtajà kan tó ní ìsọ̀ lórí áàpù ọjà kan. A kò ní dárúkọ áàpù náà. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé áàpù ló gba owó lọ́wọ́ wa, kì í sì í san án fún òǹtajà títí ọjọ́ méje tí ènìyàn fi lè dá ọjà padà yóò fi kọjá. Ní gbogbo ọjọ́ méje yẹn, owó náà wà láàárín. Ẹni tó bá ti fi owó ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì òǹtajà kò ní irú àǹfààní yìí.

Ọ̀kan nínú wa fi kádì náà gba fídíò fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ìyá ẹlẹ́ja lẹ́nu wò ní Ajah, fídíò mọ́kàndínlógún lápapọ̀. Nígbà tó délé, orúkọ fídíò mọ́kàndínlógún wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìwọ̀n kálukú sì pé. Méje àkọ́kọ́ ṣí. Méjìlá yòókù kò ṣí rárá.

Ohun tó ń fa èyí kò lọ́jú pọ̀. Inú kádì kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń sọ fún fóònù bí àyè ibẹ̀ ṣe tó. Àwọn oníjìbìtì a mú kádì tí àyè rẹ̀ kéré, wọn a kọ irọ́ sínú ẹ̀rọ kékeré yẹn, wọn a sì tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá sí i lára. Fóònù gba irọ́ náà gbọ́, ó ń kọ nǹkan sí i lọ. Bí àyè tòótọ́ bá ti kún, èyí tó kù a ṣòfò, tàbí kí ó máa kọ lé èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lórí. Orúkọ fáìlì máa ń wà níbẹ̀ síbẹ̀, nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ kádì, níbi tí àyè tòótọ́ wà, ni wọ́n ń kọ orúkọ sí.

Ọjọ́ kẹta la fi ẹ̀sùn sùn lórí áàpù. Nínú àwọn ìdí tí wọ́n ní kí a mú, kò sí “ayédèrú”. Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni pé ọjà kò bá àpèjúwe mu, òun la sì mú. A gbé kádì lọ sí ibùdó wọn lójú ọ̀nà Ogombo, a gba rìsíìtì. Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n dá kádì náà padà fún wa pẹ̀lú ìwé pélébé kan: a ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń ṣiṣẹ́, gígábáìtì 128 ló jẹ́. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò kò purọ́ o. Ó kì í bọ ẹ̀rọ, ó rí 128, ó sì kọ ohun tó rí.

Wákàtí 48 ni wọ́n fún wa láti tako ìpinnu náà. Fọ́tò fídíò tí kò ṣí kò ní ràn wá lọ́wọ́, wọ́n á ní fóònù wa ló bàjẹ́. Ohun tí a nílò ni ìdánwò tó ń kọ nǹkan kún inú kádì pátápátá, tó sì ń ka gbogbo rẹ̀ padà. Lórí Windows, h2testw ni wọ́n ń lò. Ubuntu wà lórí kọ̀ǹpútà wa, a sì lo f3. A kọ́kọ́ kó fídíò méje tó ṣí kúrò, a pa gbogbo ohun tó kù lórí kádì rẹ́, a wá tẹ èyí:

```
f3write /media/ubuntu/KADI
f3read /media/ubuntu/KADI
```

Kíkọ nìkan gba bíi wákàtí mẹ́ta ààbọ̀. Wọ́n mú iná lọ nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ara wa gbọ̀n, ṣùgbọ́n bátìrì gbé e dé òpin. Ohun tó jáde nìyí:

```
  Data OK: 14.52 GB (30450647 sectors)
Data LOST: 104.60 GB (219362099 sectors)
```

Ìlà àkọ́kọ́ ni ohun tó kà padà láìsí àbùkù, ìkejì ni ohun tó ṣòfò. Ẹ kíyè sí i pé àpapọ̀ méjèèjì jẹ́ bíi 119, kì í ṣe 128. Ìyẹn nìkan kì í ṣe ẹ̀rí jìbìtì. Ẹgbẹ̀rún ni ilé iṣẹ́ fi ń ka gígábáìtì, kọ̀ǹpútà ń fi 1,024 kà á, nítorí náà kádì 128 tòótọ́ pàápàá yóò fi bíi 119 hàn. Bí ẹ bá lọ fi ìyẹn jà, ẹ ó pàdánù. Ìlà kejì lẹ ó fi jà. Lórí kádì tòótọ́, òdo ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Ó ṣì ku kí a fi hàn pé kádì tí wọ́n tà fún wa la dán wò. Ọjọ́ tí ẹrù dé la ti ya fọ́tò nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn kádì, pẹ̀lú ìwé nọ́ńbà ìbéèrè wa tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí. A gba fídíò kan láìdá a dúró: nọ́ńbà ẹ̀yìn kádì, kíkì í bọ kọ̀ǹpútà, àṣẹ f3read, títí dé àbájáde.

Ìwé tí a kọ kò ju ìlà mẹ́fà lọ. A kò pe ẹnikẹ́ni ní olè. A kọ ọ́ pé àyè tó wà lórí kádì jẹ́ 14.52, pé ìdánwò yín ka ohun tí kádì sọ nípa ara rẹ̀, tiwa ka ohun tó lè gbà. A fi kún un pé abala 122 nínú òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018 fún ẹni tí kò láǹfààní láti yẹ ọjà wò kó tó dé ọwọ́ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà láàárín àkókò tó bójú mu, kó sì gba owó rẹ̀ pé. A sọ pé bí wọ́n bá tún kọ̀, FCCPC, àjọ tó ń bójú tó òfin náà, ni a ó kọ̀wé sí. Ní Èkó, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kékeré, tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, ti wà láti 2018, ṣùgbọ́n nítorí ₦9,500, owó ọkọ̀ nìkan ì bá ti jẹ ẹ́ tán.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni òǹtajà pè wá. Ohùn rẹ̀ tutù. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo máa fi òmíràn ránṣẹ́ sí yín ní ọ̀la. Ẹ ṣáà bá mi pa ẹ̀sùn yẹn rẹ́ lórí áàpù.” A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a ní kó kọ ọ́ sórí áàpù níbi tí gbogbo wa ti lè rí i. Kò kọ ọ́. Bí ènìyàn bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹ̀sùn rẹ́, áàpù yóò san owó fún òǹtajà, kò sì sí ohun tó ń tì í láti fi òmíràn ránṣẹ́ mọ́.

Ní ọjọ́ kọkànlá láti ìgbà tí a gba ẹrù, ₦9,500 wọ àpò owó wa lórí áàpù. A ní kí wọ́n dá a padà sí báńkì, ìyẹn tún gba ọjọ́ méjì. Méje nínú àwọn ìyá ẹlẹ́ja náà gbà kí a tún bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn márùn-ún tó kù ní àwọn ti sọ̀rọ̀ tán.

Ẹ̀sùn nípa ojú ìwé ọjà yàtọ̀ sí ẹ̀sùn owó, bọ́tìnnì tirẹ̀ wà lábẹ́ àwòrán ọjà. A tẹ òun náà, a sì so àbájáde ìdánwò mọ́ ọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kádì náà ti kúrò níbẹ̀. Ìsọ̀ òǹtajà ṣì wà ní ṣíṣí. Páwà báńkì ló kù tó ń tà.