Ẹ̀pà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gàrí

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń ta gàrí ní ọjà Kétu. Ní ọdún tí owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ àgbà ju èrè gàrí lọ, ó ní òun fẹ́ fi ìrẹsì kún un. A jókòó ṣírò rẹ̀, a sì rí i pé àpò ìrẹsì kan ṣoṣo yóò gbé owó tí ó fi ń ra gàrí mì. Mo wá bi í pé, kí ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń wá lọ bí wọ́n bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀? Ó ní ẹ̀pà ni. Ẹni tí ó fẹ́ mu gàrí kì í fẹ́ mu ún lásán.

Ó ra kílò 5 ẹ̀pà gbígbẹ ní 4,000 fáráǹkì. Iyọ̀ àti igi ìdáná gba 500. Ó kọ́kọ́ ṣa gbogbo èyí tí ó bu dànù, nítorí iná kò lè pa oró inú ẹ̀pà tí ó bu tán. Ó fi omi iyọ̀ ṣan ìyókù, ó sá a, ó sì yan án nínú yanrìn gbígbóná. Bí ó bá la hóró kan, tí inú rẹ̀ ti pọ́n díẹ̀, ó gbé e kúrò lórí iná kíákíá, nítorí ooru ara rẹ̀ ṣì ń yan án lọ. Ó bó o, ó fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, ó sì jẹ́ kí ó tutù pátápátá kí ó tó dé e. Bí a bá dé e ní gbígbóná, ooru a di omi, ẹ̀pà a sì rọ̀.

Nǹkan bí kílò 4 ni ó ṣẹ́ kù, èyí tí ó tó òṣùwọ̀n 80, ọgọ́rùn-ún fáráǹkì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, 7,000 ni ó wọlé. Ó ké sí mi pé: “Ọkọ mi, èènì ló jẹ ìyókù!” Àwọn tí ó ra gàrí ti ń gba ẹ̀pà ṣe èènì. Láti ọjọ́ náà, gàrí ni èènì gàrí. Síbẹ̀náà, 2,500 ni èrè rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní yẹn.

Àpò owó méjì ni ó ń lò báyìí. Bí ọjà bá tú, 4,500 ni ó kọ́kọ́ ń dá padà sínú àpò ẹ̀pà, kí ó tó fọwọ́ kan èrè. Bí àpò yìí kò bá lè ra kílò 5 mìíràn láìyá owó gàrí, a jẹ́ pé òwò náà ń pàdánù, ìbáà jẹ́ pé àwo ẹ̀pà ṣófo lójoojúmọ́.

Kì í sì yan ju èyí tí yóò tán kí ọjà mìíràn tó kò lọ. Ẹ̀pà yíyan tí ó bá pẹ́, òróró inú rẹ̀ a bàjẹ́, a korò lẹ́nu. Oníbàárà tí ó bá tọ́ ọ wò kò ní dá a dúró síbi ẹ̀pà; yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gàrí pẹ̀lú.