Fíìmù Alẹ́ Sátidé Wa ní Zone 4

Ọmọ àbúrò wa tó ń kàwé níbí máa ń ra dátà díẹ̀díẹ̀, kì í sì í pẹ́ tán. A rò pé ìpè ló ń jẹ ẹ́. Ìgbà tí a wo fóònù rẹ̀ ni a rí i pé fíìmù kan ṣoṣo ló gbé e mì lálẹ́ Sátidé. Kò tiẹ̀ wò ó parí: oorun gbé e lọ, YouTube sì ti bẹ̀rẹ̀ fíìmù mìíràn fúnra rẹ̀.

YouTube náà ni a ṣì ń lò nílé wa ní Zone 4, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fíìmù Yorùbá ló ń gbé iṣẹ́ wọn sórí ìkànnì tiwọn níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí ìpolówó sì ń mú owó wá fún wọn. Orúkọ ìkànnì la máa ń kọ́kọ́ wò. Èyí tí wọ́n jí gbé, àwòrán rẹ̀ lè yí padà bíi ti inú dígí, tàbí kí ohùn òṣèré tín-ín-rín jù, kí YouTube má baà dá a mọ̀.

Fíìmù ọ̀hún gùn tó wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú. Ní 720p, irú rẹ̀ lè ju 1 GB lọ. Ní 360p, ó tó nǹkan bí 500 MB, ojú fóònù kékeré kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀. 144p kéré púpọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán á di bàìbàì. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa lè fara mọ́ ọn. Àwọn ọmọ tiwa, tí Faransé ti gba ẹnu wọn, kò lè ṣe é.

Nítorí náà, ọmọ náà ń gba fíìmù sílẹ̀ níbi tó bá ti rí Wáífáì. Ó máa tẹ Télécharger lábẹ́ fíìmù, ó sì máa mú 360p. Kí ó tó kúrò nílé, a máa ń yẹ ìṣètò YouTube wò pé Wáífáì nìkan ló máa fi gbà á. A gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, dátà tán lójú ọ̀nà. A tún ti pa bọ́tìnì tó ń mú fíìmù mìíràn tẹ̀ lé e.

Kì í ṣe gbogbo fíìmù ló ń gbà bẹ́ẹ̀. Inú YouTube nìkan ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Kò ṣeé fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Fóònù tún gbọ́dọ̀ padà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ó tó pẹ́ jù: ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, wákàtí 48 ni, níbòmíràn ọjọ́ 29. Bí olówó fíìmù bá sì ti yọ ọ́ kúrò, tirẹ̀ náà á pòórá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, tí a ń wò ó ní Sátidé.

Bí ọmọ náà bá fẹ́ fíìmù elédè Faransé fún ẹ̀kọ́ rẹ̀, TV5MONDEplus wà lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ibi tí Wáífáì wà ló ti ń jókòó wo ìyẹn.