Aago Mẹ́wàá Wọn, Aago Mélòó Tiwa?

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láti Yábàá àti Súrùlérè lónìí ló ní alábàáṣiṣẹ́ ní òkè òkun. Bí wọ́n bá fẹ́ jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọn a kọ ọ́ pé: "Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní Èkó, aago mẹ́wàá àárọ̀ ní Niu Yọ́ọ̀kì." Òótọ́ ni èyí nínú oṣù kejì ọdún. Tí oṣù kẹta bá fi máa dé ìdajì, kò jẹ́ òótọ́ mọ́.

Ìdí ni pé aago Èkó kì í yí padà láti oṣù kìíní títí dé oṣù kejìlá. Èkó kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà ọ̀sán wa kì í gùn ju ara wọn lọ púpọ̀. Àwọn ará Niu Yọ́ọ̀kì ní tiwọn máa ń sún aago síwájú ní wákàtí kan ní ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù kẹta, wọn a sì dá a padà ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá. Ní ìgbà òtútù, a fi wákàtí mẹ́fà ṣáájú wọn. Ní ìgbà ooru, márùn-ún péré ni.

Ká ní obìnrin kan ní Yábàá àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti fi ìpàdé yìí sí gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní ọdún 2026, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta ni Amẹ́ríkà sún aago. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, alábàáṣiṣẹ́ náà wọlé ní aago mẹ́wàá tirẹ̀. Aago mẹ́ta ọ̀sán ló lù ní Èkó. Obìnrin náà ṣì wà nínú dáńfó ní Ojúẹlẹ́gba. Ọ̀kan ń retí, èkejì gbà pé òun ṣì ní wákàtí kan lọ́wọ́, kò sì sí èyí tó ṣẹ̀.

Ohun tó sọnù nínú àdéhùn wọn ni aago tí wọn yóò máa tẹ̀ lé. Ẹ sọ ọ́ gbangba, kí ẹ sì kọ ọjọ́ mọ́ ọn, torí aago mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́bọ̀ níbẹ̀ ti di òru ọjọ́ Ẹtì níbí.

Ẹ tún ṣọ́ra fún EST. Aago ìgbà òtútù ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ń kọ ọ́ tọdún tọdún. Tí ẹnì kan bá kọ "10 AM EST" ránṣẹ́ nínú oṣù keje, aago mẹ́rin Èkó ni lẹ́tà náà wí, aago mẹ́ta ló ṣeé ṣe kó wà lọ́kàn ẹni tó kọ ọ́. Ẹ bi í pé: "Ṣé aago tó wà lára ògiri yín lẹ ń sọ?"

Àdéhùn tó pé nìyí: "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá àárọ̀ Niu Yọ́ọ̀kì la ó máa tẹ̀ lé. Ní Èkó, aago mẹ́ta ọ̀sán ni títí di ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2026. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́."