Ooru, Òrí àti Fìlà Ọmọ Jòjòló

Ní oṣù kejì sí oṣù kẹta ọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, kì í ṣe oòrùn nìkan ló ń mú ooru bá wa ní Abẹ́òkúta. Àpáta náà wà níbẹ̀. Ilé tí mo bímọ sí kò jìnnà sí Olúmọ, páànù ni òrùlé rẹ̀, àpáta ńlá kan sì wà lẹ́yìnkùlé. Láti òwúrọ̀ ni àpáta yìí ti ń mu oòrùn, bí ilẹ̀ bá wá ṣú tán, yóò máa tú ooru náà jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ yóò rí i pé ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Inú ilé yìí ni ọmọ mi ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ibẹ̀ náà ni ooru ti sú sí i lára.

Ọrùn ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ẹran ọrùn ti ká lé ara wọn. Lẹ́yìn náà ló dé iwájú orí, gẹ́lẹ́ ibi tí etí fìlà ń dé, ó sì dé ẹ̀yìn àti abíyá. Lára ọmọ dúdú, pupa rẹ̀ kì í tètè hàn. Ọwọ́ ló ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ pa iyanrìn.

Ìyá ọkọ mi wò ó, wọ́n ní, “Ìyàwó mi, èèyi nìyí o. Má jẹ́ kí atẹ́gùn kàn án.”

Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yẹ ara rẹ̀ wò ná.”

Ibà líle, ikọ́, ikun imú àti ojú pípọ́n ló máa ń ṣáájú èèyi, ojú ló sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ sí ara. Ara ọmọ yìí kò gbóná, ó ń mu ọmú dáadáa, ibi tí aṣọ tàbí ẹran ara bò mọ́lẹ̀ nìkan ni ohun náà sì sú sí. Nọ́ọ̀sì tí a gbé e lọ bá sọ pé ooru ni.

Ihò tí òógùn ń gbà jáde lára ìkókó ṣì tín-ín-rín. Bí ohun kan bá dí ojú rẹ̀, òógùn kò ní rọ́nà jáde, yóò sì tú sínú awọ ara. Bí kò bá jìn, yóò lé ròrò bí ẹ̀kán omi. Bí ó bá jìn díẹ̀, yóò pọ́n, yóò sì máa yún ọmọ. Nítorí náà, ohun tó ń dí ihò ni kí a wá.

Òrí ni mo kọ́kọ́ wò. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni Màmá ń fi omi gbígbóná àti kànìnkànìn wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n á fi òrí pa á látòkè délẹ̀, tí wọ́n á sì da àtíkè sí i lọ́rùn. Èmi kì í gan òrí; nígbà ọyẹ́, mi ò mọ ohun tó dára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n nínú ooru, ńṣe ni ọ̀rá ń bo ojú ihò náà. Àtíkè ní tirẹ̀ ń pò pọ̀ mọ́ òógùn, yóò sì le pẹ́pẹ́ sínú ìká ọrùn, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ lè fà á símú. Èyí tó ń ta bí mẹ́ńtọ́ọ̀lì kò yẹ ìkókó rárá.

Mi ò gba ìwẹ̀ lọ́wọ́ Màmá. Ọ̀nà ìwẹ̀ la yí padà. Omi tí a bá fi ìgbọ̀nwọ́ kàn, tí kò gbóná tí kò sì tutù, ni wọ́n ń lò, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Kànìnkànìn sinmi. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni ọṣẹ ń kan ara rẹ̀. Wọ́n á gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, wọ́n á fọ omi ọmú tó ṣàn síbẹ̀, wọ́n á fi aṣọ rírọ̀ tẹ omi gbẹ láìnu ún, a ó sì tẹ́ ẹ sórí ẹní ní ìhòòhò fún ìgbà díẹ̀, kí abẹ̀bẹ̀ máa fẹ́ sí i. N kò fún un lómi mu, nítorí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ọmú ni mo ń fún un lemọ́lemọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀yìn rẹ̀ ti jọ̀lọ̀. Ọrùn ló pẹ́ jù. Ká ní ó ṣọyún ni, tàbí kò mu ọmú mọ́, tàbí ìgbóná ara rẹ̀ dé ìwọ̀n 38 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì, ilé ìwòsàn ni à bá sáré gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ó wá ku aṣọ. Ẹ̀bùn ìkómọ kún àpótí: léèsì, fìlà òwú híhun, ìbọ̀sẹ̀. Kì í ṣe gbogbo aṣọ tó rọ̀ lọ́wọ́ ni òwú gidi. Mo fa fọ́nrán kan yọ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi iná sí i, jìnnà sí ọmọ. Òwú ń jó bí ìwé, eérú rẹ̀ sì ń lẹ̀ bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án. Náílọ̀n ń yọ́, ó sì ń le kóró. Léèsì tó wuyì jù lọ ló kọ́kọ́ yọ́. Fìlà náà kúrò lórí ọmọ nínú ilé.

Màmá kò sọ nǹkan kan lórí léèsì yẹn. Wọ́n wọ yàrá wọn, wọ́n sì mú àdìrẹ kan tí wọ́n rà ní Ìtòkú láyé ọjọ́un jáde, òwú gidi, tó ti ṣá, tó sì ti rọ̀ nítorí fífọ̀. Tuntun kò ní ṣe é: aró rẹ̀ ṣì ń ṣí, ó sì máa ń le gbagidi. Wọ́n ya á sí mẹ́rin. Ọ̀kan la tẹ́ sábẹ́ ọmọ, ọ̀kan la fi ń bò ó lóru, èyí tó kù ni Màmá ń tẹ́ sí ẹ̀yìn wọn kí wọ́n tó pọ̀n ọ́n.