Àwọn Ọmọ 1955 Ba Ìṣirò Náà Jẹ́ fún Mi

Ìwé ìwádìí kan tí Una Osili àti Bridget Long gbé jáde ní 2008 ni mo kà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ilé-ìwé lílọ ń dín iye ọmọ tí obìnrin Nàìjíríà ń bí kù, wọ́n sì fi ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ti 1976 wò ó. Èsì wọn ni pé ọdún kan sí i nílé-ìwé ń dín ọmọ tí obìnrin bá bí ní kékeré kù ní 0.26, bí ẹni pé obìnrin mẹ́rin ló pawọ́ pọ̀ fi ọmọ kan sílẹ̀ láìbí.

Ọgbọ́n tí wọ́n lò la lè pè ní ìyàtọ̀ nínú ìyàtọ̀. Àwọn tí a bí ní 1956 sí 1961 ti dàgbà ju alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ ní 1976. Ètò náà bá àwọn tí a bí ní 1970 sí 1975. Ká fi nọ́mbà àfinúrò ṣe é: níbi tí owó ìkọ́lé ìjọba pọ̀ sí, ká ní ọmọbìnrin tó ń lọ ilé-ìwé kúrò ní 20 nínú 100 dé 60. Lọ́dọ̀ wa, níbi tí owó náà kéré sí, ó kúrò ní 60 dé 80. Ẹ yọ 20 kúrò nínú 40. 20 tó kù ni wọn yóò kà sí iṣẹ́ ètò náà. Ṣùgbọ́n ó di dandan kí ìlà méjèèjì ti máa rìn bí irin rélùwéè, kí wọ́n sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ ká ní ètò náà kò wáyé.

Ibí yìí ni mo ti dáwọ́ ìwé kíkà dúró. Ìwọ̀-Oòrùn kò dúró de 1976. Ìjọba Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1955, ìyá-ìyá mi sì wà nínú àwọn ọmọ náà.

Ọ̀nà tí a máa ń gbà dán irú èyí wò ni pé ká mú ẹgbẹ́ méjì tí ètò náà kò kàn rárá, bí àwọn ọmọ 1950 sí 1955 àti 1956 sí 1961, ká ṣe ìṣirò kan náà. Ó yẹ kó sún mọ́ òdo. Mo kọ́kọ́ rò pé ìyẹn ti tó. Àṣé ìwádìí DHS ti 1999 tí wọ́n lò kò kọjá obìnrin ọmọ ọdún 49. Ẹni tó dàgbà jù nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ ní 1955. Ìlà tiwa ti ń gòkè kí dátà náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Bí ìṣirò náà bá tilẹ̀ bọ́ sí òdo, kò sọ fún wa bóyá ìlà náà yóò máa gòkè lọ. Nínú àpẹẹrẹ mi, ẹni tó ti dé 80 kò ní ju 20 lọ tó lè fi kún un, ẹni tó wà ní 20 sì ní 80. Bí tiwa bá rọra dúró nítorí pé àyè ti tán, ìyàtọ̀ á yọ, ètò 1976 á sì gba oríyìn tí kì í ṣe tirẹ̀.

Mo ti kọ̀wé béèrè fún dátà náà. Mi ò ní pín wọn sí ẹgbẹ́ méjì. Ọdún ìbí kọ̀ọ̀kan ni mo fẹ́ yà sórí ìlà, láti 1950 dé 1975. Bí ètò náà bá ṣiṣẹ́, ó yẹ kí ìlà àwọn ìpínlẹ̀ olówó púpọ̀ ṣẹ́rí sókè nítòsí àwọn ọmọ 1970, tí wọ́n pé ọdún mẹ́fà ní 1976. Lẹ́yìn náà, màá yọ Ìwọ̀-Oòrùn kúrò pátápátá, màá fi àwọn ìpínlẹ̀ tó kù wé ara wọn, kí n wo bí 0.26 yẹn yóò ṣe rí.