Kí Ni Ẹ Rí Tí Ẹ Fi Mú Mẹ́ta?

Àwọn àgbà ní ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹni tó ti ṣìnà ńkọ́? Bí a bá kàn nawọ́ sí ọ̀nà tòótọ́ fún un, yóò dé ibi tó ń lọ lónìí. Ṣùgbọ́n bí kò bá mọ oríta tó ti yà bàrà, yóò tún ṣìnà lọ́la. Èrò yìí ló wà nídìí ọ̀nà tí àwọn mẹ́rin kan ń gbà kẹ́kọ̀ọ́ lójú mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ Yorùbá nínú ìdánwò oníwèé mẹ́wàá ni wọ́n ń múra sílẹ̀ fún.

Ọ̀dọ́ ni mẹ́ta nínú wọn. Ẹnì kẹrin jẹ́ ìyá ọlọ́mọ tó ń ta aṣọ, tó sì fẹ́ di olùkọ́ èdè. Ó ti ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀kan, kò sì yege. Ó sọ fún mi pé bí èyí náà bá bọ́, òun yóò pa ìwé dé, nítorí owó ìdánwò ọmọ òun àgbà ti ń bọ̀ lọ́nà.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Kálukú máa ń gbé ìbéèrè mẹ́ta wá láti ilé, pẹ̀lú ìdáhùn tó ti yẹ̀ wò nínú ìwé. Bí ẹnì kan bá ka ìbéèrè rẹ̀, àwọn yòókù yóò kọ ìdáhùn sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lanu, kí ẹnì kan má baà tẹ̀ lé ẹni tó yára sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn èyí, wọn yóò fi ìwé han ara wọn, kálukú yóò sì sọ ìdí tó fi mú ohun tó mú. Ìgbà tí wọ́n bá sọ ìdí tán ni abèèrè yóò tó sọ èyí tó tọ̀nà.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn ọ̀dọ́ kò lè sọ fún ìyá yìí pé ó ṣì í. Wọ́n kàn ń mi orí ni. Ìdí nìyí tí a fi fẹnu kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo wọn yóò máa bi ara wọn, ìbáà gbà á, ìbáà ṣì í: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni ẹ rí tí ẹ fi mú u?” Ìbéèrè ni, kì í ṣe ìdájọ́, ọmọdé lè bi àgbà láìṣàfojúdi.

Ní ọjọ́ kan, ìbéèrè náà ni pé: sílébù mélòó ló wà nínú “òǹkọ̀wé”? Ìyá kọ mẹ́ta. Wọ́n bi í ní ohun tó rí. Ó ní: “Wọ́n kọ́ wa pé bí ‘n’ bá tẹ̀ lé fáwẹ̀lì, àránmúpè ni, bíi ti ‘ìbọn’. Òn, kọ̀, wé. Mẹ́ta náà nù un.”

Ẹ wò ó, kì í ṣe àìkàwé. Òfin tòótọ́ ló lò níbi tí kò yẹ. Bó bá jẹ́ pé “mẹ́rin ni” nìkan ni wọ́n sọ, ì bá kọ ọ́ sílẹ̀, kí òfin náà sì tún ṣì í lọ́nà níbòmíràn. Ọmọkùnrin kan dáhùn pé fáwẹ̀lì àránmúpè tí a ń kọ kò ju márùn-ún lọ: an, ẹn, in, ọn, un. “On” kò sí níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan ní kí wọ́n fi dò-re-mí kọ ọ̀rọ̀ náà lórin, nítorí ohùn kan ni sílébù kan ń gbé. “Ìbọn” jẹ́ dò re: méjì. “Òǹkọ̀wé” jẹ́ dò dò dò mí: mẹ́rin. “N” ibẹ̀ ní ohùn tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí àmì fi wà lórí rẹ̀. Ìyá ló wá tún àlàyé náà ṣe lẹ́nu ara rẹ̀, ó sì mú “òǹtàjà” wá gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n dá ìbéèrè náà padà, ṣùgbọ́n “pańpẹ́” ni wọ́n lò. Ẹni tó há “mẹ́rin” sórí yóò ṣubú níbẹ̀. Ìyá kùn ún sábẹ́ imú, re mí mí, ó sì kọ mẹ́ta.

Ọ̀nà yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Eric Mazur, olùkọ́ físíìsì ní Yunifásítì Harvard, tó ti ń lo irú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sókè, kì í jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jíròrò bí àwọn tó gba ìbéèrè bá kéré jù. Ó máa ń padà kọ́ wọn ni. Bí ẹni mẹ́rin kò bá mọ nǹkan, tí ẹnì kan nínú wọn sì lẹ́nu, àṣìṣe rẹ̀ ni gbogbo wọn yóò gbé lọ sílé. Ẹ ó mọ̀ ọ́n bí ìdáhùn gbogbo wọn bá bára mu ṣùgbọ́n tí ìdí wọn kò bára mu. Nígbà náà, ẹ dákẹ́ ìjíròrò, ẹ ṣí ìwé.