Àsọyé Kan ní Abúlé àti ní Woolwich

Àsọyé kan náà ni a gbé lọ síbi méjèèjì: bí ẹgbẹ́ ṣe lè ra ọjà, kí ó sì tà á láwìn fún ọmọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú èrè, láìgba èlé. Ní abúlé kan lẹ́bàá Ìwó, a kò dárúkọ múrábáhà rárá. Àpò ajílẹ̀ ni a fi ṣe àpẹẹrẹ: ẹgbẹ́ rà á ní ₦40,000, ó tà á ní ₦44,000, owó di ìgbà ìkórè. A wá béèrè pé, "Bí òjò bá bà á jẹ́ kí ẹgbẹ́ tó tà á, ta ni yóò pàdánù?" Wọ́n ní ẹgbẹ́ ni. Ìyàtọ̀ èrè sí èlé ti yé wọn nìyẹn: ẹni tó ru ewu ọjà ló jèrè rẹ̀.

Ní iwájú ìgbìmọ̀ kan ní Woolwich, a ṣìṣe, a tún gbé ajílẹ̀ dé. Iye owó rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń bèèrè. A yára fi ọkọ̀ akẹ́rù ọmọ ẹgbẹ́ kan ní Thamesmead rọ́pò rẹ̀: ríra £6,000, títà £6,600, £300 lóṣooṣù fún oṣù 22. Òjò di ìjàm̀bá ojú pópó. Ìbéèrè wa di ta ni yóò san owó adójútòfò kí ẹgbẹ́ tó ta ọkọ̀ náà. Nígbà náà ni akápò béèrè pé, bí ẹni náà bá pẹ́ sanwó, ṣé kí a fi £50 kún un? A ní bí ẹgbẹ́ bá sọ ọ́ di èrè, èlé ti dé nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bèèrè èyí ní abúlé. Wọ́n mọ oko ara wọn, wọ́n sì mọ èyí tí kò so.